Ínfọ́ìsì dọ́là tí a san lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù: ibo ni a máa kọ àdánù pàṣípààrọ̀ sí?

Adùnní_Lẹ́jà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí ìṣirò owó. Ọ̀rọ̀ kan ta kókó sí mi lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u. Ilé iṣẹ́ wa ra ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ìfami láti òkè òkun, 20,000 dọ́là. Ínfọ́ìsì jáde ní 3 Oṣù Kẹwàá. Wọ́n gbé ẹrù náà sínú ọkọ̀ ojú omi ní 12 Oṣù Kẹwàá, FOB sì ni wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn. A kò san nǹkan kan títí ọdún fi parí. Ní 18 Oṣù Kìíní, a san 8,000 dọ́là. Ní 20 Oṣù Kejì, a san 12,000 tó kù.

Iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan sí owó ilé wa kò dúró lójú kan. Ó jẹ́ 50 lọ́jọ́ ínfọ́ìsì, 51 lọ́jọ́ tí ẹrù wọ ọkọ̀, 56 ní 31 Oṣù Kejìlá tí a pa ìwé ọdún dé, 57 lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ san, àti 54 lọ́jọ́ tí a san ìyókù.

Ọ̀gá mi ní kí n kó gbogbo ohun tó lé sórí iye ọjà. Ohun tó tún dà mí lọ́kàn rú ni pé nínú ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, àkáǹtì ẹni tó ta ọjà fún wa fi hàn pé a kò jẹ ẹ́ ní dọ́là kankan mọ́, síbẹ̀ 100,000 owó ilé ṣì jókòó síbẹ̀ bíi gbèsè. Àwọn ọ́dítọ̀ ti fẹ́ dé. Kí ni kí n ṣe?

Ọlájídé_Oníṣòwò

Àbúrò mi, ọ̀gá rẹ ló tọ̀nà. Owó tó jáde lápò ni iye ọjà. Ẹ san 8,000 nígbà tí ó jẹ́ 57, ìyẹn 456,000. Ẹ san 12,000 nígbà tí ó jẹ́ 54, ìyẹn 648,000. Àpapọ̀ rẹ̀ 1,104,000. Iye tí ẹrù yẹn ná yín nìyẹn. Bí o bá kọ iye tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó ń tà á yóò tà á ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n á sì máa rò pé àwọn ń jèrè. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó ọjà wọlé, bẹ́ẹ̀ ni akáúńtáǹtì tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ ṣe ń kọ ọ́.

Ìyá_Akáúńtì

Adùnní, o káre. Bí o ṣe to àwọn ọjọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣeé tú. Ẹ̀gbọ́n Ọlájídé, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ohun tí ẹ sọ, mo sì fẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa.

Ọjọ́ tí ọjà yẹn di tiyín, nǹkan méjì ló wọ inú ìwé yín lẹ́ẹ̀kan náà: ẹrù kan àti gbèsè kan. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀nà wọn ti pínyà. Ẹrù kì í ṣe owó, nítorí náà iye tí ẹ kọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ní yí padà torí pé dọ́là gòkè tàbí ó wálẹ̀. Gbèsè ní tirẹ̀ jẹ́ dọ́là tí ẹ ṣì máa kó jáde. Bí dọ́là bá ti ń yí, bẹ́ẹ̀ ni iye gbèsè náà ní owó ilé ń yí.

Ẹ wo ilé iṣẹ́ méjì tó ra irú ẹrù kan náà lọ́jọ́ kan náà, ní iye dọ́là kan náà. Ọ̀kan san lójú ẹsẹ̀, èkejì ní òun á san lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ẹrù wọn kò yàtọ̀ síra rárá. Ohun tó yàtọ̀ ni pé èkejì gbé gbèsè dọ́là rù fún oṣù mẹ́rin. Àdánù tàbí èrè tó bá tibẹ̀ wá, gbèsè yẹn ló bí i, ẹrù kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí IAS 21, ìlànà ìṣirò owó àgbáyé lórí owó ilẹ̀ òkèèrè, fi ní kí ìyàtọ̀ pàṣípààrọ̀ lórí irú gbèsè báyìí lọ sínú èrè àti àdánù ti àsìkò tí ó ṣẹlẹ̀.

Ó kù kí a mọ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú ọjọ́ orí ínfọ́ìsì láìronú, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹrù di tiyín ni ìlànà ń wá, ìyẹn ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ yẹ kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Lábẹ́ FOB, ewu ẹrù bọ́ sọ́rùn ẹni tó rà á nígbà tí wọ́n bá ti gbé e sínú ọkọ̀ ní èbúté tó ti ń lọ. Nítorí náà 12 Oṣù Kẹwàá ni ọjọ́ tiyín, 51 sì ni iye tí ẹ máa lò. Ẹrù jẹ́ 1,020,000, gbèsè náà jẹ́ 1,020,000. Ká ní ẹ lo 50 ti ọjọ́ ínfọ́ìsì ni, iye ẹrù á dín 20,000, àdánù á sì fi 20,000 lé, bẹ́ẹ̀ kò sí àdánù kankan láàárín 3 sí 12 Oṣù Kẹwàá, nítorí ẹ kò tíì jẹ gbèsè.

Nígbà tó di 31 Oṣù Kejìlá, gbogbo 20,000 dọ́là ṣì wà nílẹ̀, dọ́là sì ti di 56. Ẹ tún gbèsè náà wọ̀n: 1,120,000. Ó fi 100,000 ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Àdánù ọdún tó parí ni 100,000 yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò tíì san nǹkan kan.

Láti ibí ni ọ̀pọ̀ ìwé ti máa ń dàrú. Nígbà tí ẹ bá ń sanwó nínú ọdún tuntun, 51 kọ́ ni ẹ máa fi wé iye ọjọ́ ìsanwó. 56 ni, nítorí ibẹ̀ ni gbèsè náà wà nínú ìwé báyìí. Ní 18 Oṣù Kìíní, 8,000 dọ́là wà nínú ìwé ní 448,000, ẹ sì fi 456,000 san án. Àdánù 8,000. Ní 20 Oṣù Kejì, 12,000 dọ́là wà nínú ìwé ní 672,000, ẹ fi 648,000 san án. Èrè 24,000.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó pé, yẹ̀ ẹ́ wò báyìí:

```
1,104,000 - 1,020,000 = 84,000
100,000 + 8,000 - 24,000 = 84,000
```

Àdánù yín lórí gbèsè yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin jẹ́ 84,000. Ṣùgbọ́n ọdún àkọ́kọ́ ru 100,000, ọdún kejì sì jèrè 16,000. Ọ̀gá rẹ lè béèrè bí àdánù ṣe di èrè lórí ẹrù kan ṣoṣo. Jẹ́ kó mọ̀ pé ọdún kọ̀ọ̀kan ń gba ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú tirẹ̀ nìkan.

Adùnní_Lẹ́jà

Mà, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yín han ọ̀gá mi. Ó gba ti ẹrù àti gbèsè, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè gba àdánù 100,000 ti Oṣù Kejìlá. Ó ní àdánù tí a kò tíì fọwọ́ san kì í ṣe àdánù, ó ní dọ́là lè wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe wálẹ̀ sí 54 nígbẹ̀yìn. Báwo ni kí n ṣe dá a lóhùn?

Ìyá_Akáúńtì

Bi í léèrè bóyá ó lè san gbèsè yẹn tán pẹ̀lú 1,020,000 ní 31 Oṣù Kejìlá. Kò lè ṣe é. 1,120,000 ni yóò ná an lọ́jọ́ yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ka ìwé yín, ìbáà jẹ́ báńkì tó fẹ́ yá yín lówó tàbí ẹni tó fẹ́ bá yín dòwò pọ̀, ohun tó ń bi ìwé náà ni pé kí ni ẹ jẹ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wíwálẹ̀ dọ́là ní Oṣù Kejì jẹ́ ìròyìn Oṣù Kejì. A kì í mú un padà sẹ́yìn lọ tún ìwé Oṣù Kejìlá kọ.

Kí ó sì tún mọ̀ pé òfin yìí kò mọ ojú. Ká ní dọ́là jẹ́ 47 ní ìparí ọdún ni, ẹ ó kọ èrè 80,000 tí ẹ kò tíì fojú rí.

Kọ́lá_Ètò

Ẹ jẹ́ kí n bá Adùnní wo 100,000 tó kù nínú àkáǹtì yẹn, torí pé mo máa ń bá àwọn ilé iṣẹ́ tún irú rẹ̀ ṣe. Mo lè fojú inú rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ìparí ọdún, ẹnì kan tún gbèsè náà wọ̀n sí 56 bó ṣe yẹ. Nígbà tí owó máa jáde, ètò náà lọ wo ínfọ́ìsì tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀ ní 51, ó sì pa gbèsè rẹ́ ní 51. Ó yọ 408,000 fún ìsanwó àkọ́kọ́ àti 612,000 fún èkejì, ìyẹn 1,020,000. Ṣùgbọ́n 1,120,000 ló wà nínú àkáǹtì. Ohun tó ṣẹ́ kù ni 100,000.

Ó sì tún kọ àdánù 48,000 lórí ìsanwó àkọ́kọ́ àti 36,000 lórí èkejì, nítorí ó ń fi 51 wé 57 àti 54. Bí o bá wo ọdún méjèèjì pọ̀, wàá rí àdánù 184,000, nígbà tó jẹ́ pé 84,000 ni òótọ́. Ìwé náà ka 100,000 ti Oṣù Kejìlá lẹ́ẹ̀mejì.

Ètò kò burú o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ṣe láti máa yí àtúnwọ̀n ìparí ọdún padà ní ọjọ́ kìíní ọdún tuntun. Bí ìyípadà yẹn bá wáyé, gbèsè á padà sí 1,020,000, ọdún tuntun á kọ́kọ́ gba 100,000 gẹ́gẹ́ bí èrè, lẹ́yìn náà ni àdánù 48,000 àti 36,000 á jáde lára rẹ̀. Ohun tó kù jẹ́ èrè 16,000, ohun kan náà tí Ìyá wí. Nítorí náà ọ̀nà méjèèjì dára. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni kí a mú ìdajì ọ̀kan pọ̀ mọ́ ìdajì èkejì: àtúnwọ̀n tí a kò yí padà, pẹ̀lú ìsanwó tí a ṣírò láti iye àkọ́kọ́.

Lọ wo inú lẹ́jà ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kìíní. Bí o kò bá rí ìyípadà náà, èyí ni wàá kọ: dẹ́bíìtì 100,000 sí àkáǹtì ẹni tó ta ọjà, kírẹ́díìtì 100,000 sí ìyàtọ̀ pàṣípààrọ̀ ọdún yìí. Má fọwọ́ kan ìwé ọdún tó kọjá, ó tọ́ bó ṣe wà. Láti ìsinsìnyí lọ, ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, máa wá àkáǹtì tí dọ́là rẹ̀ jẹ́ òdo tí owó ilé rẹ̀ kì í ṣe òdo. Irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ kò lè tọ́ láé.

Ọlájídé_Oníṣòwò

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ méjì yẹn wọ̀ mí létí, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin akáúńtáǹtì ń fi ọ̀kan sílẹ̀. Bí mo bá wo ìwé tí mo rí 1,020,000, tí mo fi èrè lé e tí mo sì tà á, owó tí mo rí kò ní tó mi ra irú ẹrù bẹ́ẹ̀ padà. Àwọn tó ń ta ọjà kì í ka àkáǹtì èrè àti àdánù, iye ọjà ni wọ́n ń wò.

Ìyá_Akáúńtì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù tó ń bà yín yẹn, òótọ́ ni. Àmọ́ 1,104,000 kò lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí ẹ máa tà á tí owó á fi tó ra òmíràn, iye dọ́là ti ọjọ́ tí ẹ ń tà á ni ẹ máa wò, kì í ṣe iye ọjọ́ tí ẹ san gbèsè àtijọ́. Bí dọ́là bá di 60 lóṣù Kẹta, 1,104,000 yẹn náà á tàn yín. Ẹ ṣe tábìlì iye títà lọ́tọ̀, kí ẹ máa tún un ṣe bí dọ́là bá ti ń yí, kí ẹ sì jẹ́ kí iye inú lẹ́jà dúró.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ká ní ìdajì ẹrù yẹn ti tà kí ọdún tó parí, ibo ni ẹ máa kó àdánù Oṣù Kìíní sí? Ẹrù tó ti kúrò nílé kò sí mọ́ tí ẹ máa gbé iye lé lórí. Ẹ ó wá di ẹrù ìdajì tó kù rù, iye rẹ̀ á sì ga ju ti èyí tí ẹ ti tà lọ, bẹ́ẹ̀ inú àpótí kan náà ni wọ́n ti jáde.

Ní ti akáúńtáǹtì tí ẹ kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́, kò ṣìnà nígbà ayé tirẹ̀ dandan. IAS 21 àtijọ́ fàyè sílẹ̀ pé bí owó ilé bá já wálẹ̀ gidigidi, tí kò sì sí ọ̀nà láti dáàbò bo ara ẹni, èèyàn lè kó àdánù lórí gbèsè ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sórí iye ohun náà. Wọ́n yọ àyè yẹn kúrò nígbà tí wọ́n tún ìlànà náà ṣe ní 2003, àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ṣì ń tẹ̀lé ti àtijọ́ láìmọ̀ pé ó ti kúrò níbẹ̀.

Fúnmi_Ẹ̀rọ

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. A ra ẹ̀rọ kan ní 30,000 yúrò. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ san 10,000 sílẹ̀, a san án nígbà tí yúrò jẹ́ 60. Nígbà tí ẹ̀rọ dé ọwọ́ wa, yúrò ti di 64, 20,000 sì ṣì wà nílẹ̀. Nítorí náà mo tún gbogbo 30,000 wọ̀n sí 64, mo sì kọ èrè 40,000 lórí owó tí a ti san sílẹ̀, torí pé a ra yúrò yẹn nígbà tí kò tíì wọ́n. Ṣé mo ṣe é dáadáa?

Ìyá_Akáúńtì

Fúnmi, tìrẹ yàtọ̀ sí ti Adùnní. Òun gba ẹrù kó tó sanwó, ìwọ sanwó kó o tó gba ẹrù. Owó àsansílẹ̀ kì í ṣe gbèsè tí yúrò máa fi padà wá bá ọ. Ẹ̀rọ ni wọ́n jẹ ọ́, wọn kò jẹ ọ́ ní yúrò. Torí náà 60 ni yóò máa jẹ́ títí lọ. IFRIC 22, àlàyé tí wọ́n ṣe lórí IAS 21, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2018, ló yanjú èyí: ọjọ́ tí o san àsansílẹ̀ ni iye apá yẹn dúró sí. Ẹ̀rọ rẹ jẹ́ 600,000 pẹ̀lú 1,280,000, ìyẹn 1,880,000. Kò sí èrè 40,000. 20,000 yúrò tó kù nìkan ló ń yí láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ dé.

Fúnmi_Ẹ̀rọ

Ó yé mi, Mà. Bí wọ́n bá wá ní àwọn kò lè ṣe ẹ̀rọ náà mọ́ ńkọ́, tí wọ́n ní àwọn á dá 10,000 wa padà?

Ìyá_Akáúńtì

Nígbà yẹn ó ti di yúrò tí wọ́n jẹ yín, láti ọjọ́ yẹn ló sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ohun tí àwọn èèyàn ń jiyàn lé lórí ni àdéhùn tó sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ lè gba owó yín padà nígbàkigbà tó bá wù yín. Àwọn kan ní bó bá ṣeé ṣe kí ẹ gbà á padà, owó ni. Àwọn kan ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ ṣì ń retí ẹ̀rọ, ẹrù ni. Èmi máa ń wo ohun tó ṣeé ṣe jù kó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí ọ́dítọ̀ tí kò gbà fún mi.

Báyọ̀_Àpò_Dọ́là

Kí ló dé tí ẹ ń fi gbogbo èyí dára yín láàmú? Àwa ní àkáǹtì dọ́là ní báńkì. Dọ́là la fi ń san ínfọ́ìsì dọ́là. A kì í ṣẹ́ owó kankan, nítorí náà a kì í ní èrè tàbí àdánù pàṣípààrọ̀.

Kọ́lá_Ètò

Ẹ̀gbọ́n Báyọ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà. Bí ẹ bá ní 20,000 dọ́là ní báńkì, tí ẹ sì jẹ 20,000 dọ́là, gbígòkè dọ́là kò lè pa yín lára, torí ohun tí gbèsè gbà lọ́wọ́ yín ni àkáǹtì báńkì fún yín padà. Ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé kò sí nínú ìwé. Bí owó ilé ni ẹ fi ń ṣe ìwé yín, méjèèjì ni ẹ máa tún wọ̀n ní ìparí ọdún. Gbèsè á mú àdánù 100,000 wá, dọ́là inú báńkì á mú èrè 100,000 wá bó bá ti wà níbẹ̀ láti 12 Oṣù Kẹwàá. Ilé iṣẹ́ tó bá tún ọ̀kan wọ̀n tó fi èkejì sílẹ̀ á ní àdánù tí kò sí.

Ẹ kíyè sí i pé wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba ní iye àti ní àsìkò. Bí dọ́là yín bá jẹ́ 5,000, tí gbèsè jẹ́ 20,000, 15,000 ṣì wà ní gbangba.

Adùnní_Lẹ́jà

Mo wo inú lẹ́jà. Kò sí ìyípadà kankan ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kìíní, bí Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá ṣe rò ó gẹ́lẹ́. Mo ti kọ dẹ́bíìtì yẹn, òdo ni àkáǹtì náà báyìí ní dọ́là àti ní owó ilé. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe to iye mi mọ́ ti báńkì, mi ò rí 8,000 àdánù fún ìsanwó àkọ́kọ́, 11,500 ni mo rí. 459,500 ni báńkì yọ lọ́jọ́ náà. Àti pé iye tí àwọn aṣọ́bodè kọ sórí ìwé wọn fún ẹrù yìí jẹ́ 52, kì í ṣe 51. Ṣé ó yẹ kí n yí iye ẹrù padà?

Ìyá_Akáúńtì

3,500 tó lé yẹn, wá a nínú ìwé tí báńkì fún yín lórí ìfowóránṣẹ́ náà. Ó fẹ́ jọ owó iṣẹ́ báńkì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kọ ọ́ sí àkáǹtì owó báńkì, kì í ṣe sí pàṣípààrọ̀. Ní ilé iṣẹ́ tó ń sanwó lọ sókè òkun léraléra, owó kékeré wọ̀nyí máa ń kóra jọ sínú àkáǹtì pàṣípààrọ̀ títí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ èyí tí dọ́là fà àti èyí tí báńkì gbà.

Fi 52 àwọn aṣọ́bodè sílẹ̀ sórí ìwé tiwọn. Wọ́n ń lo iye yẹn láti ṣírò owó bodè nìkan. Owó bodè tí ẹ san ní owó ilé máa ń wọ inú iye ẹrù bí ẹ ṣe san án, bí kì í bá ṣe irú owó orí tí ìjọba máa dá padà fún yín. Kò kan 20,000 dọ́là tí ẹ jẹ ẹni tó ta ọjà.

Tinúkẹ́_Owó_Orí

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un kí Adùnní tó lọ pàdé àwọn ọ́dítọ̀. Àdánù 100,000 ti Oṣù Kejìlá wà nínú ìwé yín, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò ní kí àwọn agbowó orí gbà á. Àwọn orílẹ̀-èdè kan máa ń tẹ̀lé ohun tó wà nínú ìwé. Àwọn mìíràn kì í ka àdánù tàbí èrè pàṣípààrọ̀ sí àfi lọ́jọ́ tí owó bá jáde. Ní irú ibẹ̀, owó orí ọdún àkọ́kọ́ kò ní dín rárá, ọdún kejì ni gbogbo 84,000 máa wọlé. Ya èyí tí ẹ ti san sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ẹ kò tíì san, kódà bó jẹ́ àkáǹtì kékeré méjì lábẹ́ ọ̀kan ni. Bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni láti tú wọn ká lẹ́yìn náà.

Ọlájídé_Oníṣòwò

Èmi náà ní ìbéèrè kan. Adùnní ń sọ 56 bí ẹni pé iye kan ṣoṣo ló wà. Ibi tí mo ti ń dòwò, iye tí ilé ìfowópamọ́ àgbà ń gbé jáde yàtọ̀ sí iye tí báńkì ń tà á fún wa, nígbà mìíràn wọn kì í tilẹ̀ ní i láti tà. Èwo ni mo máa fi wọn gbèsè ní ìparí ọdún?

Ìyá_Akáúńtì

Ìlànà sọ pé bí iye bá pọ̀, èyí tí ẹ bá lè fi san gbèsè náà lọ́jọ́ yẹn ni kí ẹ lò. Iye tí wọ́n kàn ń kéde, tí ẹ kò lè rí dọ́là rà níbẹ̀, kò bá ìbéèrè yẹn mu. Ní ti ìgbà tí dọ́là kò sí rárá, wọ́n ṣe àtúnṣe sí IAS 21 ní Oṣù Kẹjọ 2023, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 Oṣù Kìíní 2025. Ó ní kí ẹ fojú díwọ̀n iye tó yẹ kó jẹ́, kí ẹ sì ṣàlàyé nínú ìwé ọdún bí ẹ ṣe dé ibẹ̀.

Kọ́lá_Ètò

Ibi tó le nìyẹn o, Mà. Bí báńkì bá ní 56 ṣùgbọ́n tí ó ní kí ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ṣé dọ́là wà ni tàbí kò sí?

Ìyá_Akáúńtì

Ìlànà náà gbà pé ìdádúró díẹ̀ nítorí iṣẹ́ ìwé kò sọ ọ́ di pé kò sí. Ṣùgbọ́n kò dárúkọ iye ọjọ́ tó jẹ́ díẹ̀. Èmi á wo ohun tí báńkì yẹn ti ń ṣe bọ̀: ṣé àwọn tó béèrè ṣáájú rí i gbà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ní iye tí wọ́n sọ fún wọn, tàbí apá kan ni wọ́n rí, tí iye sì ti yí kó tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́? Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ní ìwé ìbéèrè tí ẹ kọ sí báńkì àti ọjọ́ tí wọ́n dá yín lóhùn, ẹ kó wọn jọ kí ọdún tó parí. Àwọn ni ọ́dítọ̀ máa kọ́kọ́ béèrè.